Búláìtì lóko Áírìṣì kan nítòsí Bókọ́ọ̀sì: oògùn wà, àsìkò fífín ẹ̀ ni kò bọ́ sí i

Oko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wà nítòsí Bókọ́ọ̀sì ní Ìpínlẹ̀ Pílátò, lókè ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti ga tó bíi mítà 1,200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òtútù fi máa ń mú gidi lóṣù kẹfà títí dé ìkẹjọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú Áírìṣì tẹ́ ẹ̀ ń rà l'Ékòó ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni àrùn tí wọ́n ń pè ní lẹ́ìtì búláìtì ti máa ń ráyè ṣe bó ṣe wù ú, torí pé òtútù pẹ̀lú ọ̀rinrin yẹn gan-an ló ń wá kiri. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ni oko, Màmá ni mo máa pè wọ́n. Yorùbá ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ọjà Áírìṣì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á kó o ránṣẹ́ sí Máìlì 12. Lọ́dún tí mò ń wí yìí ni wọ́n ní àwọn náà á dáko tiwọn.

Ilẹ̀ éékà kan ni wọ́n gbà, ó rọra ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ síbi odò kékeré kan nísàlẹ̀. Áírìṣì ló gba gbogbo éékà yẹn, tòmátì wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí wọ́n fi igi gbè, kò jìnnà síra wọn rárá, èèyàn á dúró sáàárín àwọn méjèèjì ni táá máa rí méjèèjì. Ọjà ni wọ́n ti ra irúgbìn Áírìṣì, wọ́n gbìn ín níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún nígbà tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Irúgbìn ọjà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Ó hù dáadáa. Nígbà tó fi máa di bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ewé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra wọn láti poro kan sí èkejì, gbogbo ẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Màmá ò fọwọ́ lẹ́rán o, wọ́n mọ̀ pé àrùn máa ń wá lásìkò òjò, ni wọ́n bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn oko, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, wọ́n gbé kábẹ́ńdásíìmù fún wọn, wọ́n sì fín in. Ọkàn wọn balẹ̀. Tí wọ́n bá wí fún èèyàn pé àwọn ti fín oògùn kí àrùn tó dé, òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Oògùn yẹn gan-an ni kò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Gbogbo wa la máa ń pe búláìtì yìí ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tó ń fà á, Fàìtọ́fútọ́rà, ìdílé ẹ̀ yàtọ̀ sí ti fọ́ńgọ́ọ̀sì gidi, ó fara mọ́ àwọn ewédò inú omi jù wọ́n lọ, omi náà ló sì fi ń ṣayé. Kábẹ́ńdásíìmù máa ń mú fọ́ńgọ́ọ̀sì gidi púpọ̀ o, ohun tó ń dì mú nínú ara wọn ni kò rí dì mú lára eléyìí. Ẹ lè fín in látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ńṣe lẹ̀ ń fín omi funfun. Èyí ò kan pé oògùn jẹ́ fẹ́èkì tàbí pé ó ti pẹ́ jù, oògùn tó dáa ni, àrùn yìí ni kì í ṣe tiẹ̀.

Nígbà tó di ìdajì oṣù kẹfà, ojú ọjọ́ yí padà. Òjò ń rọ̀ ní ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ bá mọ́ kùrukùru á bo oko, ewé á ṣì tutù títí aago mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Ọmọkùnrin tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i nísàlẹ̀ níbi odò, níbi tí kùrukùru ti máa ń pẹ́ kó tó ká. Ó ní ewé bíi mélòó kan dà bí èyí tí wọ́n da omi gbígbóná lé, etí ewé ti dúdú, ó rọ̀. Ó rò pé fẹ́tíláìsà ló jó o. Màmá ní kí ó tún fín kábẹ́ńdásíìmù yẹn, ó fín in lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sígbà náà, ibi tó jẹ́ ewé mélòó kan tẹ́lẹ̀ ti di ojú kan tó fẹ̀ tó yàrá méjì, ó dúdú, ó ń rùn, ìgbà yẹn ni Màmá pè mí.

Àárọ̀ kùtù ni mo ní kí wọ́n jẹ́ ká pàdé lóko, mo sì ní ìdí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́ìtì búláìtì ni, kó tó di pé oòrùn gbẹ ewé ni kẹ́ ẹ lọ. Mo ṣẹ́ ewé kan tí kò tíì kú tán, mo yí i padà, mo jẹ́ kí Màmá wo abẹ́ ẹ̀. Àárín àpá yẹn dúdú, etí ẹ̀ níbi tó ti ń tẹ̀ síwájú wá sínú ibi tó ṣì tutù ní àwọ̀ ewé tó ti ṣá díẹ̀, ibi ààlà yẹn gan-an ni ìhùhù funfun tínínrín kan wà, téèyàn á ní kó sún mọ́ ojú kó tó rí i dáadáa. Tó bá máa fi di ọ̀sán, ìhùhù yẹn ti lọ, àpá nìkan ló kù, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ń ṣe é mọ́. Tí ẹ ò bá ráyè lọ ní kùtù, ẹ fi ewé náà sínú nílọ́ọ̀nù pẹ̀lú tíṣù tó tutù díẹ̀, ẹ dì í, ẹ gbé e síbi tí kò gbóná mọ́jú, tó bá jẹ́ òun ni, ìhùhù á yọ lábẹ́ ewé tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, Ọ̀yọ́, Ìṣẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má kàn ka èyí kẹ́ ẹ ní òun náà ló wà lóko yín. Ilẹ̀ yín gbóná. Èyí tẹ́ ẹ sábà máa ń rí lára tòmátì ni ẹ́lì búláìtì, àpá tiẹ̀ gbẹ, ó ní òrùka nínú òrùka, ewé ìsàlẹ̀ tó ti dàgbà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ní ìhùhù funfun lábẹ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì gidi ni ìyẹn, kì í sáré tó eléyìí.

Mo wá tẹ̀ lé àrùn yìí padà síbi tó ti wá. Láàárín ojú dúdú yẹn la rí ìdí Áírìṣì kan tí ọ̀pá ẹ̀ ti dúdú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó yàtọ̀ sí àwọn tó wà láyìíká ẹ̀ tó jẹ́ pé ewé òkè ló kọ́kọ́ mú. A hú u. Irúgbìn tí wọ́n gbìn ti rà, èyí tó kù nínú ẹ̀ pọ́n bíi ìpáta, ó le wóńkowòńko. Inú irúgbìn ọjà yẹn ni àrùn ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti gbìn ín, ó bá ọ̀pá gòkè wá, ó dúró de ojú ọjọ́. Ìdí kan péré tó oko éékà kan í bà jẹ́, bó ṣe ń ṣe é sì rèé.

Tí ewé bá tutù mọ́jú, tí ìgbóná ò ju bíi dígírì 18 sí 22 lọ, ìhùhù yẹn á so àwọn àpò kéékèèké tójú ò lè rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí àpá kan ṣoṣo. Láàárọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n á já, atẹ́gùn á gbé wọn, òjò náà á ta wọ́n sí ewé ẹ̀gbẹ́. Oòrùn gidi máa ń pa wọ́n kíákíá, ṣùgbọ́n ní Bókọ́ọ̀sì lóṣù kẹfà kò sí oòrùn gidi, òfuurufú ṣú látàárọ̀. Èyí tó bá bọ́ sórí ewé tó ní omi á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: tí omi yẹn bá tutù gan-an, bíi dígírì 12 sí 15, àpò kan á pín sí mélòó kan tó ní ìrù, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi orí ewé yẹn títí wọ́n á fi ríbi wọlé. Wákàtí díẹ̀ péré ti tó. Lẹ́yìn ìgbà tó bá ti wọlé, ẹ ò ní rí nǹkan kan fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ewé á máa dán, kẹ́ ẹ tó rí àpá. Nítorí náà, àpá tẹ́ ẹ rí lónìí, òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé e wá, àwọn ọmọ ẹ̀ ti wà nínú ewé mìíràn tẹ́ ẹ ṣì ń yìn.

Ohun tí mo sọ fún Màmá ni pé ká má tíì fọwọ́ kan pọ́ǹpù ná. A dúró di ọ̀sán tí ewé ti gbẹ, a hú gbogbo ohun tó wà lójú dúdú yẹn, a sì tún fi bíi mítà méjì kún un yíká, àwọn tójú wa rí bí èyí tó dáa. Ó dun Màmá. Inú àpò la kó wọn sí lójú ẹsẹ̀, a ò wọ́ wọn gba àárín oko kọjá, a gbẹ́ ihò a sì bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárọ̀ nígbà tí ìrì wà lára ewé, ẹ̀yin lẹ máa fi aṣọ yín tan àrùn náà kálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oògùn kàn. Mẹ́táláksíìlì tó pò mọ́ mánkósẹ́bù la lò lákọ̀ọ́kọ́. Mánkósẹ́bù kì í wọnú ewé, orí ewé ló ń jókòó sí, ó ń pa àwọn àpò yẹn kí wọ́n tó wọlé. Èyí tó bá ti wọlé, kò rí i mú. Mẹ́táláksíìlì ní tiẹ̀ máa ń wọnú ewé, ó máa ń bá omi ara igi gòkè lọ sí ewé tuntun, ìdí tí mo fi mú un nìyẹn torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti wọlé tá ò tíì rí. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ń gbá mú lára àrùn náà, tẹ́ ẹ bá ń lò ó léraléra àrùn á kọ́ bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti rí irú ẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, tó jẹ́ pé búláìtì ò ka mẹ́táláksíìlì sí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lásìkò kan ti tó, kó máa wà pẹ̀lú mánkósẹ́bù, kẹ́ ẹ má sì dúró títí oko fi dúdú tán kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lé díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wọn oògùn yìí, torí oko tí mo ti bá àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé táńkì mélòó ló ń fín sí éékà yẹn. Ó ní mẹ́rin, táńkì lítà 20, gíráàmù 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó tà á ṣe wí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: gíráàmù 50 lọ́nà mẹ́rin, gíráàmù 200 nìyẹn. Lébẹ̀lì mánkósẹ́bù ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ 80 sí lára sábà máa ń sọ kílò 2 sí 2.5 fún hẹ́kítà kan, éékà sì jẹ́ bíi hẹ́kítà 0.4, ó túmọ̀ sí pé kílò 0.8 sí kílò 1 ló yẹ kó gba éékà. Tó bá jẹ́ mánkósẹ́bù ni ọmọ yìí ń fín bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún ohun tó yẹ ló máa ń débẹ̀. Lítà 80 náà ò sì lè kárí ewé tó ti kanra, orí nìkan láá tutù, inú àti abẹ́ á gbẹ, abẹ́ sì ni àrùn ń fara pamọ́ sí. A sún un sí táńkì mẹ́wàá, ìyẹn lítà 200, a pín oògùn éékà sórí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí lébẹ̀lì tiẹ̀ ṣe wí. Mo ní kó máa gbé ẹnu pọ́ǹpù lọ sísàlẹ̀ kó máa fín sókè lábẹ́ ewé, kó tó wá gba òkè. Ó gba àsìkò jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó wọ ìbọ̀wọ́, kó bo imú, kó má fín kọjú sí atẹ́gùn, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.

Lẹ́yìn èyí ni aago. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń fín in ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn má bàa jó ewé. Ìmọ̀ràn tó dáa nìyẹn níbi tí oòrùn wà. Lókè Jọ́ọ̀sì lásìkò òjò, ìrọ̀lẹ́ gan-an ni òjò ń rọ̀. Mánkósẹ́bù tí kò tíì gbẹ lára ewé, òjò á fọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀, owó Màmá á sì bá a lọ. A yí i sí àárọ̀: kí ìrì kọ́kọ́ gbẹ, bíi aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ sí mẹ́wàá, kí ẹ fín, kó ní bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó fi gbẹ kí òjò ọ̀sán tó dé. Tó bá ti gbẹ, òjò kékeré ò ní kó o lọ. Òjò ńlá tó bá tó ìwọ̀n ínṣì kan, ìyẹn mìlímítà 25, á dín in kù gidi, ẹ ní láti tún un fín láìdúró de ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Mo ní kí Màmá gbé agolo kan tí ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ fẹ̀ bákan náà sí gbangba lóko, kí wọ́n máa fi rúlà wọ̀n omi tó bá wà níbẹ̀ láàárọ̀.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tá a fín mẹ́táláksíìlì yẹn ni Màmá pè mí, ohùn wọn ti yí padà. "Ọmọ mi, oògùn tó o ní ká rà yìí náà ò ṣiṣẹ́ o. Àpá tuntun ti tún yọ, ó lé ní ogún ìdí."

Mo ní, "Màmá, ẹ farabalẹ̀ ná. Òwú pupa tá a so, ẹ bá mi wò ó, òkè ẹ̀ ni àpá wà àbí ìsàlẹ̀ ẹ̀?"

Lọ́jọ́ tá a fín in, mo ti mú òwú pupa, a so ó mọ́ ọ̀pá àwọn ìdí kan káàkiri oko, lábẹ́ ewé tó kéré jù lókè pátápátá. Ewé tó bá wà nísàlẹ̀ òwú, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ oògùn, èyí tó bá wà lókè òwú, lẹ́yìn oògùn ló dé. Màmá lọ wò ó, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ìsàlẹ̀ ni, kò sí ọ̀kan lókè. Àpá ọjọ́ kẹrin yẹn, àwọn tó ti wọlé kí oògùn tó dé ni. Tó bá jẹ́ pé oògùn ò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, tàbí pé búláìtì oko yẹn ti mọwọ́ mẹ́táláksíìlì, àpá tuntun á ṣì máa yọ lẹ́yìn ọjọ́ keje, ẹ ó sì máa rí i lókè òwú. Ẹ̀rù tó ba Màmá lọ́jọ́ yẹn ló máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sáré yí oògùn padà lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n á po mẹ́ta pọ̀, wọ́n á ní ìkẹta ló ṣiṣẹ́.

Òwú yẹn tún fi nǹkan míì hàn wá. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ewé tuntun méjì sí mẹ́ta ti wà lókè òwú. Kò sí mánkósẹ́bù kankan lára wọn, ìhòòhò ni wọ́n wà. Nígbà tí Áírìṣì bá ń dàgbà kíákíá, kì í ṣe òjò nìkan ló ń tú ààbò yẹn, ìdàgbà ẹ̀ náà ń tú u. Látìgbà yẹn la ti ń fín mánkósẹ́bù ní ọjọ́ méje méje, tí òjò bá sì le tàbí tí kùrukùru ò bá ká, ọjọ́ márùn-ún. Ó dúró. Ojú tá a hú yẹn wà níbẹ̀ gbalasa, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ sí i mọ́, àpá kọ̀ọ̀kan tá a bá rí a máa ń já ewé ẹ̀.

Oṣù keje ni nǹkan yí padà. Ọmọkùnrin yẹn lọ sílé nítorí òkú kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn, òjò ò sì dá, Màmá ní àwọn ò rí ẹni gbẹ́kẹ̀ lé táá fín in, wọ́n ní kó dé ná. Fífín tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹwàá ló wáyé. Áírìṣì fara gbá a díẹ̀. Tòmátì ló jìyà ẹ̀.

Tòmátì yẹn, gbogbo ìgbà la ti ń fín in pẹ̀lú Áírìṣì, ṣùgbọ́n ó ga, ó kún, wọn ò gé ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀, oògùn kì í dénú. Láàárín àlàfo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ọ̀pá ẹ̀ dúdú níbi tí ẹ̀ka ti pín, èso tútù ẹ̀ yọ àpá aláwọ̀ ilẹ̀ tó le gbagidi téèyàn bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tó sì rí gbágungbàgun, láti ibi tí èso ti so mọ́ igi wá. Kì í rọ̀ bíi ti èyí tó ń rà lásán. Tẹ́ ẹ bá ti rí i lára ọ̀pá tòmátì, ìdí yẹn ti lọ. A gé ewé ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ kọjá, a lo mẹ́táláksíìlì ẹlẹ́ẹ̀kejì, a gba díẹ̀ là lápá òkè níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ṣùgbọ́n ju ìdajì tòmátì lọ ló bá a rìn. Èyí tó kù náà, ẹ má gbàgbé pé oògùn wà lára ẹ̀, ọjọ́ tí lébẹ̀lì bá ní kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tó ká a, ẹ dúró. Èèyàn ló máa jẹ ẹ́.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Áírìṣì gbó, búláìtì ti ń padà sórí ewé látọ̀dọ̀ tòmátì. Ìpinnu ìkẹyìn nìyẹn, òun náà sì ni Màmá bá mi jiyàn lé jù. Wọ́n fẹ́ kó dàgbà sí i, kó tóbi. Mo ní ká wa ìdí díẹ̀ wò, ó ti tó tà. Àwọn àpò àrùn orí ewé yẹn, òjò máa ń fọ̀ wọ́n sílẹ̀, wọ́n á gba inú ilẹ̀ tó là bá Áírìṣì, táá sì di pé ẹ wa ohun tó dáa, ó dé Máìlì 12 ó ti rà. A gé gbogbo ewé kúrò, a kó o jáde lóko, a wa ilẹ̀ bo ibi tí Áírìṣì ti yọjú síta, a sì fi sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ kí èèpo ẹ̀ le, kí ohun tó wà lórí ilẹ̀ sì kú. Ọjọ́ tí ilẹ̀ gbẹ la wa á. Wọ́n tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, wọn ò kó o sápò lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣa á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó ní àbàwọ́n aláwọ̀ pupa-ilẹ̀ lábẹ́ èèpo jáde nínú ẹ̀, kò pọ̀. Wọ́n tà á, owó oko padà, ó sì lé díẹ̀. Owó tòmátì ni kò padà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nǹkan mẹ́ta ni Màmá yí padà, mo sì ń bá àwọn tí mò ń tọ́ sọ́nà sọ ọ́ báyìí.

Irúgbìn lákọ̀ọ́kọ́. Wọn ò ra ti ọjà lásán mọ́, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irúgbìn gidi, ẹ̀ka Áírìṣì iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn onígbòǹgbò ti ìjọba wà ní Kúrú níbẹ̀ níbi téèyàn ti lè béèrè ọ̀nà. Síbẹ̀ wọ́n tún gé díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó gbìn, èyí tí inú ẹ̀ bá pọ́n, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Tòmátì náà, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ míì tó jìnnà, wọn ò gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ Áírìṣì mọ́, wọ́n sì ń gé ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti kékeré.

Ìkẹta ni ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fín, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà jù. Nílẹ̀ Bìrìtéènì, ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Họ́tìnì, láti 2017: ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra, tí òtútù ò lọ sílẹ̀ ju dígírì 10 lọ, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àgbẹ̀ tètè múra. Ìlànà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e wá sí Bókọ́ọ̀sì lóṣù keje, ojoojúmọ́ ni yóò máa pariwo, kò ní sọ fún yín ìgbà tẹ́ ẹ lè simi. Ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò ló wúlò fún. Èyí tí èmi ń lò kò gba ẹ̀rọ: ìgbà tí ewé bá fẹ́ kanra láàárín poro, tàbí tí ewé bá tutù di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ méjì léraléra, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, ọjọ́ yẹn ni mánkósẹ́bù àkọ́kọ́, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì rí àpá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, òwú pupa, agolo òjò, àti ọjọ́ méje tó lè di márùn-ún. Mẹ́táláksíìlì, ìgbà tí ewé ń dàgbà jù ni mo máa ń fi sí, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti ń sunkún.

Kí wọ́n sì ní ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n fín. Màmá ti kọ́ ọmọ wọn obìnrin báyìí, ó ní pọ́ǹpù tiẹ̀, ó sì mọ iye táńkì tó ń gba éékà.